Aáyán kò mọ ààlà yàrá: ohun tó yẹ kí lẹ́tà ayálégbé béèrè lọ́wọ́ lándílọ́ọ̀dù

Nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tí gbogbo ayálégbé ti jọ ń lo kíṣìnnì kan, ẹnì kan lè fín oògùn sí yàrá tirẹ̀ lálẹ́ òní, kó sì tún máa pa aáyán kí ọ̀sẹ̀ tó yípo. Àwọn tó sá gba ẹ̀yìn ògiri lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò ló padà wálé. Agbára ẹnì kan kò ká èyí. Lándílọ́ọ̀dù nìkan ló lè ṣí gbogbo yàrá lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí sì nìyí tí a fi ń kọ lẹ́tà sí i.

Ẹ jẹ́ ká wo irú lẹ́tà tó lè so èso, ká fi ayálégbé kan ní Múṣin ṣe àpẹẹrẹ:

"Bàbá onílé wa, ẹ kú ilé o. Èmi ni mo wà ní yàrá kẹta. Láti oṣù Kẹta ni aáyán kéékèèké ti gba kíṣìnnì wa. Mo ti fín oògùn nígbà mẹ́rin, wọ́n tún ń padà wá. Láti ọjọ́ 9 sí ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, mo fi páálí oní-gọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún òru mẹ́ta. Aáyán 31 ló lẹ̀ mọ́ èyí tó wà lábẹ́ síǹkì kíṣìnnì, 12 lẹ̀ mọ́ ti ìdí ògiri tó wà láàárín èmi àti yàrá kẹrin, 2 péré ló wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Fọ́tò wọn nìyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa pe àwọn tó ń pa kòkòrò, kí wọ́n ṣe kíṣìnnì àti gbogbo yàrá lọ́jọ́ kan náà. Kí wọ́n lo oògùn jẹ́lì, kí wọ́n sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ bá wa dí ihò tó yí páìpù ká pẹ̀lú. Àwa ayálégbé yóò palẹ̀ ẹrù wa mọ́ kí wọ́n tó dé. A ń retí èsì yín kí ọjọ́ 30 oṣù yìí tó pé."

Kí ni iye yẹn ń sọ?

Ẹ̀bá ògiri ni aáyán máa ń gbà rìn, nítorí náà ibẹ̀ ni a ń fi páálí tì. Nítòsí ibi tí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ ọn jù ni wọ́n sá pamọ́ sí. Nínú lẹ́tà yìí, 31 tọ́ka sí kíṣìnnì, 12 sì fi hàn pé wọ́n ń gba inú ògiri kọjá. Lándílọ́ọ̀dù kò lè wí pé ìdọ̀tí yàrá ayálégbé kan ló fà á.

Kí ló dé tó fi jẹ́ jẹ́lì, tó sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì?

Aáyán kékeré aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ní ìlà dúdú méjì lẹ́yìn ọrùn, ni à ń sọ. Abo rẹ̀ máa ń gbé àpò ẹyin kiri nídìí, ó sì lè ní ọgbọ̀n sí ogójì ẹyin nínú. Àpò náà le, oògùn fínfín kì í sábà wọ inú rẹ̀. Àwọn ẹyin náà yóò pa lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń pa kòkòrò fi gbọ́dọ̀ padà wá. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni oògùn agolo kò ràn mọ́.

Jẹ́lì dà bí oúnjẹ lójú wọn. A ń kán an tó hóró ìrẹsì sí ìdí ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù àti ẹ̀yìn síǹkì. Èyí tó bá jẹ ẹ́ yóò padà sí ibùba rẹ̀ kú síbẹ̀. Àwọn yòókù yóò jẹ ìgbẹ́ àti òkú rẹ̀, àwọn náà yóò sì kú. Ẹ má ṣe fín oògùn sí ibi tí jẹ́lì wà, nítorí òórùn rẹ̀ á lé wọn sá fún un. Ẹ má sì da Sináípà sí kíṣìnnì: májèlé ni fún èèyàn, àjọ NAFDAC sì ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní ọjà láti ọdún 2019.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Bí ihò páìpù bá ṣì ṣí, aáyán mìíràn yóò gbabẹ̀ wọlé.

Ibo ni òfin dúró sí?

Òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò dárúkọ aáyán. Ṣùgbọ́n ó ní kí onílé máa tún ìta ilé àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò ṣe, àfi bí àdéhùn wọn bá sọ nǹkan mìíràn. Nítorí náà, ẹ ka ìwé àdéhùn yín kí ẹ tó kọ̀wé. Bí onílé kò bá dáhùn, ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ sí àjọ CMC ti ìjọba Èkó, tó ń bá onílé àti ayálégbé parí aáwọ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn tí àwọn tó ń pa kòkòrò bá wá lẹ́ẹ̀kejì, ẹ tún fi páálí mẹ́ta náà sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ fún òru mẹ́ta. Bí 31 bá di 2 tàbí 3, iṣẹ́ náà ti ń so èso. Bí ó bá ṣì tó 20, ẹ tún kọ̀wé, kí ẹ sì fi iye tuntun náà síbẹ̀.