Iṣẹ́ Àjọṣe, Máàkì Olúkúlùkù

Ẹni mẹ́rin kọ orúkọ sórí iṣẹ́ àjọṣe, ẹni mẹ́ta ló ṣe é, síbẹ̀ máàkì kan náà ni gbogbo wọn gbà. Àròyé yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ifásitì, bẹ́ẹ̀ ìkéde kan tí lẹ́kúrà bá fi síta kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lè dènà rẹ̀.

Bí wọn yóò ṣe pín iṣẹ́ ni irú ìkéde bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò kọ ohun tí olúkúlùkù fẹ́ ṣe àti ọjọ́ tí yóò parí rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn yóò sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó kàn tẹ ìwé kò tíì ṣe tó ẹni tó wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, nítorí náà olúkúlùkù gbọ́dọ̀ nípìn-ín nínú ìwádìí àti nínú kíkọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ máàkì. Lẹ́kúrà yóò fún iṣẹ́ náà lódindi ní máàkì. Lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò pín àmì 30 fún àwọn mẹ́ta yòókù ní ìkọ̀kọ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wọn ṣe tó. Kò ní fún ara rẹ̀ ní nǹkan kan. Bí gbogbo wọn bá ṣe dọ́gba, àmì 30 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Yunifásítì Loughborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan, WebPA, fún irú ìṣirò báyìí.

Ká sọ pé iṣẹ́ náà gba 60. Bọ́lá, Kúnlé àti Ṣadé fún ara wọn ní 12, wọ́n sì fún Dàpọ̀ ní 6. Dàpọ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 10. Dàpọ̀ ní 18, àwọn yòókù ní 34. Bí a bá fi àmì yìí nìkan ṣírò, Dàpọ̀ yóò gba 36, àwọn yòókù yóò gba 68. Kí ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ má baà le jù, lẹ́kúrà lè jẹ́ kí ìdajì máàkì wà fún gbogbo wọn bákan náà, kí ìdajì tó kù tẹ̀ lé àmì. Ìgbà náà ni Dàpọ̀ yóò gba 48, àwọn yòókù 64.

Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta lè gbìmọ̀ pọ̀ lu ẹnì kan. Nítorí èyí ni àmì tó bá kéré gan-an kò fi gbọdọ̀ dá dúró. Lẹ́kúrà yóò wo àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn àti ohun tí olúkúlùkù kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́, yóò sì pe ẹni tọ́rọ̀ kàn láti ṣàlàyé apá tirẹ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yóò lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yín kò bá ṣe tirẹ̀, ẹ sọ fún lẹ́kúrà nígbà tí àkókò ṣì wà láti tún iṣẹ́ pín. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí máàkì bá jáde.