Páálí Tó Wọlé Tí Kò Jáde

Ẹ̀dínwó ni ẹni tó ń kó ọjà irun kiri máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bó bá ti dé ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù kan ṣe àpẹẹrẹ, owó tí a ó dá sí i wà fún ìṣirò lásán. Ike rílásà kan jẹ́ ₦5,000, ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá gbé odidi páálí, ike 12, ₦4,500 ni yóò san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá bá gbé páálí règúlà kan àti páálí máìdì kan, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ti jèrè ₦12,000 kí ọjà tó dé orí pẹpẹ.

Kí ló ń lò gan-an? Ká ní ike kan ń ṣe orí 10. Orí 5 ni ṣọ́ọ̀bù náà ń fi règúlà ṣe lọ́sẹ̀, nítorí náà ike kan ń tán ní ọ̀sẹ̀ 2, páálí yóò sì tán ní ọ̀sẹ̀ 24. Kò burú. Ṣùgbọ́n máìdì, tó wà fún irun tí kò nípọn àti irun tí wọ́n ti pa láró, ẹnì kan ṣoṣo ló ń béèrè rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ike kan yóò gba ọ̀sẹ̀ 20. Ike 12 yóò gba ọ̀sẹ̀ 240, èyí tó lé ní ọdún mẹ́rin àtààbọ̀!

Ká wá ní ọdún méjì ló kù kí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ike náà pé. Nǹkan bí ike 5 ni yóò rí lò. Ọ̀gá ti san ₦54,000 fún ohun tí ì bá rà lọ́kọ̀ọ̀kan ní ₦25,000, ike 7 yóò sì di ìdọ̀tí. Ẹ̀dínwó dà?

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Fún règúlà, bí ọ̀gá bá pe oníbàárà rẹ̀ tó ń kó ọjà wá, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 kó tó dé. Láàárín ìgbà náà, ike kan yóò tán. Kó fi ike kan sí ìpamọ́ nítorí ọjọ́ tí èrò bá pọ̀. Nítorí náà, bó bá ti ku ike 2 tí wọn kò tíì ṣí, àsìkò ìpè nìyẹn, ike mẹ́rin sì ti tó láti rà. Àfi bí ọdún Iléyá tàbí Kérésì bá ń bọ̀, nígbà náà ni kó yẹ ìwé èṣí wò kó tó dá iye tí yóò rà. Ní ti máìdì, ike kan ni kó máa rà.

Ọjọ́ Ajé, tí èrò kì í pọ̀, dára fún kíkà. Kí wọ́n ka ike tí wọn kò tíì ṣí, kí wọ́n sì fojú díwọ̀n èyí tó wà ní ṣíṣí: ìdajì ni àbí ìdámẹ́rin? Níbẹ̀ ni àṣírí àwọn ọmọṣẹ́ ti máa ń tú. Ọ̀kan ṣí ike tuntun nítorí kò rí ti àná, èkejì náà ṣí tirẹ̀, ike mẹ́ta ti wà ní ṣíṣí fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣí i ni ọjọ́ mìíràn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Lára ọ̀pọ̀ ìpara irun, àwòrán ike kékeré tí ìdérí rẹ̀ ṣí wà níbẹ̀ pẹ̀lú 12M: oṣù 12 lẹ́yìn ṣíṣí ló túmọ̀ sí. Kí ọmọṣẹ́ fi máákà kọ ọjọ́ tó ṣí i sára ike, kì í ṣe sórí ìdérí, nítorí ìdérí lè pààrọ̀. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé ni kó wà níwájú pẹpẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dé kẹ́yìn.

Ooru kì í jẹ́ kí ọjà dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ. Pẹrọ́sáìdì tí wọ́n ń pò mọ́ aró irun máa ń di omi àti afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń mú un yára. Bí ìgò rẹ̀ bá wú, tàbí tí aró kò mú ewú dáadáa mọ́, ibẹ̀ ni kí ọ̀gá kọ́kọ́ wò. Rílásà tí òróró ti yọ́ sójú rẹ̀ náà ti ń sọ tirẹ̀. Abẹ́ páànù tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kì í ṣe ibi ìkópamọ́ wọn.

Rílásà tí wọ́n ń pò mọ́ omi inú ìgò kékeré kó tó ṣeé lò tún yàtọ̀. Bí wọ́n bá ti pò ó, wákàtí 24 ló ní. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn náà, kódà kó jẹ́ ìdajì ike, dídànù ni, nítorí náà ẹni tí orí kan ṣoṣo bá wá bá kò gbọdọ̀ po ike ńlá.