Ìwé Ìpè Ìgbéyàwó Tó Ń Lọ Sókè Òkun

Ìwé ìpè ìgbéyàwó tí wọ́n kọ ní Yorùbá kì í ṣàlàyé púpọ̀, nítorí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ti mọ ohun tó ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Àlejò tó ń bọ̀ láti òkè òkun kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń tú irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní láti fi díẹ̀ nínú ìmọ̀ náà kún un.

Ọjọ́ ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ìwé bá gbé 5/12/2026, Sátidé ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá ni ará Ìbàdàn máa kà á sí. Ará Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún, nǹkan bí oṣù méje ṣáájú ìnáwó. Nítorí náà, kí wọ́n kọ orúkọ oṣù àti ti ọjọ́ jáde. Bí ètò bá sì bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀ ní Nàìjíríà lóṣù Kejìlá, aago mẹ́sàn-án ló lù ní Lọ́ńdọ̀nù, mẹ́rin ìdájí sì ni ní Niu Yọ́ọ̀kì. Ẹni tó máa wò ó lórí fóònù láti ilé gbọ́dọ̀ mọ èyí.

Inú ètò ìdána ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Bí wọ́n bá tú alága ìdúró àti alága ìjókòó lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àlejò á rò pé alága ìpàdé méjì ni, tí ọ̀kan dúró, tí èkejì jókòó. Ó sàn kí wọ́n fi orúkọ náà sílẹ̀ ní Yorùbá, kí wọ́n wá sọ pé alága ìdúró ló ń gbẹnu sọ fún ẹbí ọkọ tó wá tọrọ ìyàwó, alága ìjókòó sì ń gbẹnu sọ fún ẹbí ìyàwó tó gbà wọ́n lálejò. Bákan náà, “Ìwọlé ọkọ” nìkan kò tó. Ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn òbí ìyàwó, ọ̀rẹ́ tó ti òkè òkun wá sì máa wà lára wọn. Ó yẹ kó ti mọ̀ kó tó débẹ̀.

Ẹrù ìdána kò le: kí wọ́n to orúkọ wọn, kí wọ́n sì sọ pé àdúrà ni wọ́n ń fi ṣe, bí orógbó fún ẹ̀mí gígùn, oyin fún ayé dídùn. Owó orí ló gba ìṣọ́ra jù. Orúkọ tí wọ́n sábà ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì ń mú àlejò rò pé wọ́n ń ra obìnrin. Bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹbí ìyàwó a máa dá owó náà padà níṣojú gbogbo èèyàn, wọ́n á ní àwọn kò ta ọmọ. Bí ẹbí bá máa dá a padà, kí ètò sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá ní í dá a padà, kí olùtumọ̀ má fi kún un.

Ní ti aṣọ ẹbí, kí ìwé sọ pé kì í ṣe dandan, kó sọ àwọ̀ rẹ̀, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé, torí télọ̀ máa nílò àkókò láti rán an.

Kí wọ́n tó gbé e lọ fún atẹ̀wé, kí wọ́n fún ẹnì kan tí kì í ṣe Yorùbá kà, kí wọ́n bi í pé kí lòun máa ṣe bí ọkọ bá wọlé. Bí kò bá lè dáhùn, kí wọ́n tún un kọ.