Fọ́ Ojú, Fọ Ojú: Ohun Tó Yẹ Kó Wà Lára Ike Rilásà

Nínú ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Àrẹ̀mọ, n'Ìbàdàn, ohun mẹ́ta ni àwọn ọmọṣẹ́ ń pè ní "omi". Èkíní ni èyí tí wọ́n ń pò mọ́ rilásà inú páálí. Èkejì ni pẹrọ́ksáídì tí wọ́n fi ń po dáì. Ẹ̀kẹta ni omi gidi tí wọ́n fi ń fọ irun. Bí ọ̀gá bá ní "Gbé omi yẹn wá," ọmọṣẹ́ tó ti pẹ́ á mọ èyí tó ń wí, nítorí ó ń wo ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọmọṣẹ́ tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá kò ní mọ̀. Àwa tí a ti ka ìmọ̀ ìtumọ̀ mọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀: pọ́nna ni. Àmọ́ máàkì ni pọ́nna tiwa ń gbà lọ́wọ́ ẹni nínú ìdánwò. Tiwọn lè gba ojú.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ nípa kẹ́mísírì ni wọ́n ní kó wá bá àwọn ọmọṣẹ́ mẹ́sàn-án sọ̀rọ̀ níbẹ̀, lórí bí a ṣe ń yan àwọn ohun èlò wọ̀nyí, bí a ṣe ń kọ nǹkan sí wọn lára àti bí a ṣe ń tọ́jú wọn. Èmi ni mo ń tú u sí Yorùbá. Ohun tó gba àkókò wa jù lọ́jọ́ náà ni ike kékeré tí a bu rilásà sí, tí kò sí ohunkóhun lára rẹ̀.

Oríṣi rilásà méjì ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Èyí tó wà nínú ike ńlá, tí wọ́n ń bù lò bó ṣe rí, sódíọ̀mù háídírọ́ksáídì ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Kọsitíìkì sódà tí àwọn alọ́ṣẹ ń lò ni, ohun kan náà ni. Èyí tó wà nínú páálí ní ìpara kan àti omi kan. Kálísíọ̀mù háídírọ́ksáídì wà nínú ìpara yẹn, gúwánídíìnì kábónétì sì wà nínú omi rẹ̀. Ìgbà tí a bá pò wọ́n pọ̀ ni ohun tó ń na irun ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń jáde. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára páálí pé kí a da ìyókù nù: èyí tí a pò lónìí kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ lọ́jọ́ mìíràn.

Ọmọṣẹ́ kan béèrè pé, "Àǹtí, èyí tí wọ́n kọ pé kò ní sódà yẹn, ṣé a lè fi sórí ọmọdé láìfi Fasilíìnì pa etí rẹ̀?" Ẹ ò lè fi síi. Òótọ́ ni pé sódà kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò lè jóni. pH awọ orí kò ju bíi 5 lọ, ti rilásà méjèèjì sì máa ń tó 12 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó lágbára tó láti tú irun kò ní bi awọ léèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

Ohun tí a kò kọ náà ń sọ̀rọ̀. Johnson Products ti Ṣikágò, tí George Johnson dá sílẹ̀ ní 1954, ló ń ṣe rilásà Ultra Sheen. Ní 1975, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó òwò mú kí ilé iṣẹ́ náà gbà láti kọ ìkìlọ̀ nípa sódà sára ike rẹ̀. Revlon tó ń bá a figagbága ń ta rilásà onísódà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tó fi dandan lé tiwọn. Ẹ fojú inú wo oníbàárà tó dúró síwájú ike méjèèjì láàárín àkókò yẹn. Èyí tí kò ní ìkìlọ̀ ló máa rò pé ó rọrùn jù, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ló wà nínú wọn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ike kékeré ti Àrẹ̀mọ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ike ìpara irun ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n bu rilásà sí i láti inú ike ńlá, wọ́n gbé e sórí tábìlì. Funfun ni rilásà, funfun ni ìpara, funfun náà ni ìpara kan tí wọ́n fi ń ṣe irun wẹ́wẹ́, èyí tí tayogláíkólétì wà nínú rẹ̀. Rilásà àti tayogláíkólétì kì í gbé orí kan náà: irun tí ọ̀kan ti kàn, bí èkejì bá bọ́ sí i, ó lè já láti ìdí. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gbóòórùn wọn kó tó dá wọn mọ̀.

A mú pépà téèpù àti máákà, a sì kọ́kọ́ da orúkọ, nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ ìparí láti ara ike ńlá sára ike kékeré. Ìkìlọ̀ ló wá kù. Mo kọ ọ́ pé "Ó ń jó awọ, ó ń fọ́ ojú." Mo ní kí ọmọṣẹ́ kan dà á kọ, ó sì dà á kọ bí gbogbo wa ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù, láìsí àmì ohùn. Ẹnìkejì rẹ̀ kà á sókè: "Ó ń fọ ojú." Ọṣẹ ìfọjú ni ike náà dà! "Jó" náà lè di "jò", kí ẹni tó ń kà á máa wá ibi tí ike ti ya.

Àwọn fúnra wọn ló tún un ṣe. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ tí kò ní yí padà bí àmì bá tiẹ̀ sọnù:

RILÁSÀ ONÍSÓDÀ. KÌ Í ṢE ÌPARA. Ó Ń JÓ NI BÍ INÁ. Ó LÈ SỌ ÈNÌYÀN DI AFỌ́JÚ. MÁ FI SÓRÍ IRUN WẸ́WẸ́. A ṢÍ I NÍ 3/6.

Kò sí bí ènìyàn ṣe lè ka "afoju" sí ohun mìíràn. Mo rò pé èyí dára ju "EWU" ńlá tí a máa ń kọ lọ, nítorí "ewu" kò sọ ohun tí nǹkan náà máa ṣe fún ẹni.

Nọ́ńbà ara pẹrọ́ksáídì náà fẹ́ àlàyé. 20 kì í ṣe ìdá 20 nínú 100. Ó túmọ̀ sí pé lítà kan rẹ̀ lè tú lítà 20 ọ́síjìn sílẹ̀. Agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 6 nínú 100, ti 40 sì jẹ́ 12. Ọ́síjìn yẹn ń jáde díẹ̀díẹ̀ kódà nígbà tí a kò bá lò ó, ooru àti oòrùn sì ń mú un yára. Ìdí nìyí tí ìdérí tirẹ̀ fi ní ihò kékeré. Bí a bá dà á sínú ike omi mímu tí a dé pinpin, ike náà lè wú kó sì bẹ́. Ọmọdé sì lè gbé e mu. Dáì tí a ti pò mọ́ ọn náà kò gbọ́dọ̀ wọ inú ike tí a dé.

Rilásà kò fẹ́ràn òrùlé páànù tó ń gbóná. Bí òróró bá ti yọ sókè lójú ike, tí omi wà nísàlẹ̀, ìpara náà ti ya, sódà sì ti kó jọ sójú kan. Kò yẹ kí a rò ó pọ̀ kí a fi sórí ènìyàn. Abọ́ tàbí ṣíbí alumíníọ́ọ̀mù kò yẹ ẹ́, torí sódà ń jẹ ẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, abẹ́ pẹpẹ tí oòrùn kì í dé ni wọ́n gbé ike sí, nísàlẹ̀ ju ojú ènìyàn lọ, nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Bákẹ́ẹ̀tì omi àti ife wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fún ojú tó bá kó sí wàhálà: kí a máa da omi mímọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 20, láìfi ọtí kíkan tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí a sì gbé oníbàárà lọ sílé ìwòsàn. Ike tí wọ́n ti kọ nǹkan sí lára ni kí wọ́n gbé lọ pẹ̀lú rẹ̀, kí dókítà lè rí i.