Ẹsẹ̀ Ni Ijó, Ẹ Jẹ́ Kó Hàn

Ọ̀pọ̀ fídíò áfúróbíìtì ló ń gé ẹsẹ̀ oníjó sọnù. Oníjó á fi gbogbo ara jó, kámẹ́rà á máa wo ojú àti àyà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ni ijó náà wà. Láti inú ìwé ètò ni àṣìṣe yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, ìwé ojú ewé 2 tàbí 3 tí adarí fídíò máa ń kọ kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà. Tíríìtìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká mú orin ìṣẹ́jú 3 kan, ká ya fídíò rẹ̀ n'Íbàdàn láàárín ọjọ́ kan. Ìtàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ́jú pọ̀, torí kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kan gbé aṣọ tí ọ̀gá rẹ̀ rán sínú báàgì pupa, ó ń gbé e lọ fún ìyàwó ọ̀ṣìngín ní Mápó. Ìlù ń dá a dúró lọ́nà, ó ń jó, ó ń pẹ́. Báàgì pupa yẹn ló so ìtàn náà pọ̀. Bí ijó tilẹ̀ gba ojú wa fún ìdajì ìṣẹ́jú, gẹ́rẹ́ tí báàgì bá yọ la ti mọ ibi tí a dé.

Ibi méjì péré ni mo máa kọ sílẹ̀: ìsọ̀ télọ̀ kan l'Ọ́jà Ọba, àti àtẹ̀gùn Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929. Ẹsẹ̀ lásán gbé ni láti ọjà débẹ̀. Ibi kẹta tó jìnnà, ẹrù dídì àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ló máa jẹ ọjọ́ náà tán. Ká jó ní Mápó láàárín aago 7 sí 9 àárọ̀, torí bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ihò ojú oníjó á ṣú dùdù. Ọ̀sán ni ká wọ inú ìsọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí wọ́n jó ijó náà látòkè délẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kámẹ́rà á dúró sójú kan, á rí gbogbo oníjó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ilẹ̀ díẹ̀ á sì ṣẹ́kù nísàlẹ̀. Kí wọ́n tó ṣípò, kí adarí wo èyí tí wọ́n yà, kó wo ẹsẹ̀ nìkan. Lẹ́ẹ̀kejì, kámẹ́rà á sún mọ́ wọn, á máa bá wọn rìn. Lẹ́ẹ̀kẹta, á máa ṣa ẹsẹ̀, ìbàdí àti ojú lọ́kọ̀ọ̀kan. Orin gan-an ni sípíkà gbọ́dọ̀ máa kọ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí wọ́n bá ń fi ẹnu ka ìlù, ìyára ijó á yàtọ̀ síra, tí wọ́n bá sì gé fídíò pọ̀, ẹsẹ̀ á balẹ̀ ṣáájú ìlù.

Níbi tí a bá ti fẹ́ kí olórin máa rìn díẹ̀díẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ sì bá orin mu, kámẹ́rà á ya àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan dípò 25, sípíkà á sì kọ orin ní ìlọ́po méjì ìyára rẹ̀. Olórin á sáré kọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí wọ́n bá dá a padà sí 25, ẹnu rẹ̀ á bọ́ sí orin gẹ́lẹ́, agbádá rẹ̀ á sì máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ inú omi.

Ní ìrọ̀lẹ́, a ó padà sí Mápó. Ìyàwó ṣí báàgì pupa náà, ó gbé aṣọ sí èjìká, ó bọ́ bàtà. Kámẹ́rà ti wà nílẹ̀, ó ń dúró de ẹsẹ̀ rẹ̀.