Ṣé Ẹni Tó Ní Ẹ̀tọ́ Ni Ọlẹ̀? Ọ̀rọ̀ Tó Wà Nídìí Àríyànjiyàn Ìṣẹ́yún

Pípa ènìyàn aláìṣẹ̀ kò dára. Ọlẹ̀ inú oyún, ènìyàn aláìṣẹ̀ ni. Nítorí náà, pípa ọlẹ̀ kò dára.

Orí gbólóhùn mẹ́ta yìí ni àríyànjiyàn ìṣẹ́yún sábà máa ń dúró lé, òun náà ló sì máa ń fara hàn nínú ìdánwò ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn àti ìwà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ tiwa ti ń jókòó ṣe é. Ẹni tó ń máàkì kò bìkítà bóyá akẹ́kọ̀ọ́ fara mọ́ ìṣẹ́yún tàbí kò fara mọ́ ọn. Ohun tó ń wá ni bóyá akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé gbólóhùn kẹta kò dájú bí ó ṣe dún létí.

Mary Anne Warren, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Amẹ́ríkà, ló tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ jù ní 1973. Ó ní nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, ẹni tó wà láwùjọ àwọn tó ní ẹ̀tọ́ là ń sọ. Nínú èkejì, ohun tó ti ara ènìyàn jáde là ń sọ. Bí a kò bá kọ́kọ́ fi hàn pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì, gbólóhùn kẹta kò lè tẹ̀lé wọn.

Báwo la ṣe máa wá mọ ẹni tó ní ẹ̀tọ́? Warren ní ká fojú inú wo arìnrìn-àjò kan tó balẹ̀ sórí ìràwọ̀ àjèjì, tó sì pàdé àwọn ẹ̀dá tí kò jọ ohunkóhun tó rí rí. Ṣé kó pa wọ́n jẹ ni, àbí kó kí wọn bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? Kò lè béèrè irú òbí tó bí wọn. Ohun tó máa wò ni bóyá wọ́n mọ ohun tó ń lọ láyìíká wọn, tí wọ́n sì lè jẹ̀rora. Bóyá wọ́n lè ronú yanjú ìṣòro. Bóyá wọ́n ń ṣe nǹkan láti inú ara wọn. Bóyá wọ́n lè bánisọ̀rọ̀ lórí onírúurú nǹkan. Bóyá wọ́n mọ̀ pé àwọn wà. Warren kò sọ pé ẹ̀dá gbọ́dọ̀ ní gbogbo márààrún. Ó ní èyí tí kò bá ní ẹyọ kan nínú wọn ni a kò lè kà mọ́ ẹni tó ní ẹ̀tọ́, ọlẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò sì ní ìkankan.

Àwọn alátakò rẹ̀ kì í pẹ́ dáhùn. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá ńkọ́? Òun náà kò lè ronú yanjú ìṣòro, kò sì mọ̀ pé òun wà. Warren gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó kọ ọ́ pé pípa ìkókó kò dára síbẹ̀, nítorí pé àwọn mìíràn wà tó fẹ́ tọ́ ọ, kò sì sí nínú ara ìyá rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìdáhùn yìí kò tó, torí ó dà bíi pé iye ìkókó wá wà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ nípa Warren láì dé ibi ìkókó, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

John Noonan, amòfin tó di adájọ́ nígbà tó yá, ti gba ọ̀nà mìíràn ní 1970: ohun tí ènìyàn bá lóyún rẹ̀, ènìyàn ni. Láti ìgbà tí àtọ̀ àti ẹyin ti di ọ̀kan ni àkọsílẹ̀ àbùdá tó máa darí ìdàgbàsókè rẹ̀ ti pé. Lójú àwọn tó wà lọ́dọ̀ Noonan, ìrònú àti ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ ohun tí ẹ̀dá ń dàgbà sínú rẹ̀. Kì í ṣe òun ló ń sọ ọ́ di ẹni tó jẹ́.

Ìṣòro tó dojú kọ wọn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ìbejì. Kì í ṣe irú èyí tó pọ̀ ní Igbó-Ọrà o, torí ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń bí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn yẹn. Èyí tí à ń sọ ni ọlẹ̀ kan ṣoṣo tó pín sí méjì, èyí sì lè ṣẹlẹ̀ títí di nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rìnlá. Nígbà náà ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń hàn lára ọlẹ̀, tó ń fi ibi tí orí àti ìdí yóò wà hàn. Àwọn kan ní bí ẹnì kan bá ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ta wá ni lẹ́yìn tí ó pín, Táíwò tàbí Kẹ́hìndé? Èsì àwọn tó gbèjà ọjọ́ kìíní ni pé àràn pẹlẹbẹ kan wà nínú omi tí wọ́n lè gé sí méjì, kí ìlàjì kọ̀ọ̀kan sì di odindi àràn. Pé ó lè pín kò ní kí ó má jẹ́ àràn kan kí wọ́n tó gé e. Lójú tèmi, èsì yìí lágbára ju bí àwọn ìwé ìgbaradì-ìdánwò ṣe ń fi hàn lọ, àmọ́ kò sọ fún wa èwo nínú àwọn méjèèjì ni ti ìṣáájú.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá yìí ti wọnú òfin. Lẹ́yìn tí wọ́n bí ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ọlẹ̀ rẹ̀ lóde ilé ọmọ ní 1978, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Mary Warnock, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì. Ní 1984 wọ́n dábàá pé kí wọ́n má ṣe tọ́jú ọlẹ̀ nínú yàrá ìwádìí kọjá ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ náà kọ̀, wọ́n ní kò yẹ kí wọ́n fi ọlẹ̀ ṣèwádìí rárá. Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbójú fò ni pé ìgbìmọ̀ náà kò sọ ìgbà tí ọlẹ̀ di ẹni. Wọ́n yẹra fún ìbéèrè yẹn, wọ́n bi ara wọn bí ó ṣe yẹ kí a hùwà sí i. Ní 1987, Ìjọ Àgùdà náà kò ṣe ìpinnu fìlọ́sọ́fì lórí rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ní kí a bọ̀wọ̀ fún ọlẹ̀ bí ẹni láti ọjọ́ tó ti dúró. Àwọn méjèèjì yẹra fún ìbéèrè kan náà, wọ́n sì dé ibi tó yàtọ̀ pátápátá.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1990 tó gba ọjọ́ mẹ́rìnlá náà ló tún fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún ṣe ààlà fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìdí tí òfin fi gba ìṣẹ́yún láyè. Bí ó bá jẹ́ irú ohun tí ọlẹ̀ jẹ́ nìkan ló ń pinnu, kí ló dé tí ti inú ìgò fi ní ààlà tó kúrú ju ti inú ilé ọmọ lọ? Ìdáhùn kan ni pé ara obìnrin kan kò sí nínú ọ̀rọ̀ ti inú ìgò.

Ibẹ̀ gan-an ni Judith Jarvis Thomson ti bẹ̀rẹ̀ ní 1971. Ó ní ká gbà pé ẹni ni ọlẹ̀. Ká tún sọ pé o jí lówùúrọ̀, o sì rí i pé wọ́n ti so ọ́ mọ́ gbajúmọ̀ onífayolíìnì kan tó ti dákú, kíndìnrín rẹ ló ń bá a ṣiṣẹ́, yóò sì kú bí o bá tú ara rẹ kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti wà láàyè kò fún un ní ẹ̀tọ́ lórí kíndìnrín rẹ, Thomson ló wí bẹ́ẹ̀. Àwọn alátakò ní jíjí ni wọ́n jí ẹni inú àpèjúwe náà gbé, nítorí náà ọ̀ràn ìfipábánilòpọ̀ ló bá mu jù. Wọ́n tún ní fífi ẹnì kan sílẹ̀ láì ràn án lọ́wọ́ yàtọ̀ sí pípa á. Thomson fúnra rẹ̀ gbà pé àpèjúwe náà kò fi hàn pé gbogbo ìṣẹ́yún ló tọ́.

Don Marquis ṣe ìdàkejì rẹ̀ ní 1989. Òun kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá ẹni ni ọlẹ̀. Ó ní ohun tó mú kí pípa èmi tàbí ìwọ burú ni pé ó gba gbogbo ọjọ́ ọ̀la wa lọ́wọ́ wa, irú ọjọ́ ọ̀la bẹ́ẹ̀ sì wà fún ọlẹ̀. Àlàyé yìí kò kọsẹ̀ lára ìkókó tàbí ẹni tó sùn. Ibi tí wọ́n ti ń dà á láàmú ni àtọ̀ àti ẹyin: ṣé àwọn náà kò ní ọjọ́ ọ̀la kan náà ni? Marquis dáhùn pé kí wọ́n tó di ọ̀kan, kò sí ẹyọ ohun kan pàtó tí a lè sọ pé ó pàdánù rẹ̀.