Ìdí tí Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù Kọkàndínlógún Pótásíọ́mù Fi Wọ 4s

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a gbé àṣìṣe kan yẹ̀ wò tí àwa olùkọ́ kẹ́mísírì sábà máa ń bá pàdé nínú ìwé ìdáhùn. Bí a bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ètò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù pótásíọ́mù, àwọn kan a máa kọ 2, 8, 9. Kì í ṣe àìkàwé ló fà á. A ti kọ́ wọn pé 2n² ni iye tí ṣẹ́ẹ̀lì lè gbà, èyí tó fún ṣẹ́ẹ̀lì kẹta ní 18. Bí ó bá ti gba 8, àyè 10 ṣì kù. Kí ló dé tí ìkọkàndínlógún kò fi wọ ibẹ̀?

Ìdáhùn wà nínú sọ́bṣẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ìpín inú ṣẹ́ẹ̀lì. Ṣẹ́ẹ̀lì kìíní ní 1s nìkan. Èkejì ní 2s àti 2p. Ẹ̀kẹta ní 3s, 3p àti 3d. Sọ́bṣẹ́ẹ̀lì s gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 2, p gba 6, d gba 10. Èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù ni ó ń kọ́kọ́ kún. Fún ogún élímẹ́ǹtì àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra ni 1s, 2s, 2p, 3s, 3p, 4s.

Ẹ jẹ́ kí a pín ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 19 ti pótásíọ́mù. 1s gba 2, ó ku 17. 2s gba 2, ó ku 15. 2p gba 6, ó ku 9. 3s gba 2, ó ku 7. 3p gba 6, ó ku ẹyọ kan, 4s ni ó sì gbà á:

1s² 2s² 2p⁶ 3s² 3p⁶ 4s¹

Ìyẹn ni 2, 8, 8, 1. Kálísíọ́mù, tí ó ní 20, yóò parí sí 4s².

Kí ló mú kí 4s ṣáájú 3d níbí? Lóòótọ́, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 4s sábà máa ń wà lókèèrè, ṣùgbọ́n a tún máa wọlé sún mọ́ núkílọ́ọ̀sì, kọjá àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú tó ń dínà fún un. Níbẹ̀, núkílọ́ọ̀sì ń fà á gidigidi, agbára rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 3d kì í wọlé tó bẹ́ẹ̀.

Ìṣesí pótásíọ́mù fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Sódíọ́mù, tí ètò rẹ̀ jẹ́ 2, 8, 1, ń pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, ó sì ń ṣe NaCl. Bákan náà ni pótásíọ́mù ń ṣe KCl, àwọn méjèèjì sì máa ń bá omi jà kíkankíkan. Ètò 2, 8, 9 kò lè ṣàlàyé ìbátan yìí.

Àmọ́ òfin yìí ní ààlà. Láti orí sikáńdíọ́mù, élímẹ́ǹtì 21, ni 3d ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún, bí irú átọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ bá sì di áyọ́ọ̀nù, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 4s ni ó ń kọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, bí a bá ń kọ́ni ní 2n², kí a sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an pé ìwọ̀n àyè ni ó ń fi hàn, kì í ṣe bí àyè náà ṣe ń kún.